Èsì: ọmọ tó gba 64 nínú àyẹ̀wò òye

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ṣe àyẹ̀wò òye fún ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8, ó gba 64. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé, kí n mú un lọ sílé ìwé àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Ṣé kí n gbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé kankan. 64 nìkan kò tó fi dá ọmọ lẹ́jọ́. 100 ni àárín, nítòsí 70 ni wọ́n fa ìlà tí wọ́n fi ń sọ pé òye kéré jù sí, àṣìṣe bíi 5 sì wà lókè àti nísàlẹ̀ máàkì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tí 64 ń sọ ni pé ọmọ náà lè wà láàárín 59 sí 69. Bí máàkì bá tiẹ̀ kéré, kí wọ́n tó ní ọpọlọ ọmọ kò pé, ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé ó ń ṣòro fún un láti ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Láti 2013 ni ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ìṣe ojoojúmọ́ ni kí wọ́n fi mọ bí ìṣòro náà ṣe wúwo tó, kì í ṣe máàkì. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ìyẹn fún wa ní kọ́ńtà?

Ọmọ ọdún 7 ni tèmi. A ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pè é, ebi ti pa á. Òyìnbó ni obìnrin náà fi ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń yára. Yorùbá ni ọmọ ń bá ìyá mi sọ nílé. Mo ń gbọ́ ọ látẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ ní kí ni?" Obìnrin náà á kọ òdo, á bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Wọ́n fún un ní 60, wọ́n sì fi gègé kọ ọ́ bí ẹni kọ ìwé ẹ̀wọ̀n. Kò sẹ́ni tó yẹ etí rẹ̀ wò. Nígbà tí oníṣègùn etí wò ó, omi ló dúró sẹ́yìn ìlù etí méjèèjì. Bí èèyàn bá rọra sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pín máàkì náà: ọ̀rọ̀ ẹnu, 52, títo àwòrán àti búlọ́ọ̀kù pọ̀, 83. Tí àlàfo bá tó báyìí, àpapọ̀ wọn kò júwe ọmọ kankan. Ẹ béèrè máàkì ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ yín wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún tairọ́ọ̀dù, ẹṣẹ́ kan tó wà nínú ọrùn.

Fọ́ọ̀mù ìṣe ojoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Vineland, ló bí mi nínú jù. 2 ni kí wọ́n kọ bí ọmọ bá ń ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀ déédéé, 1 bó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 0 bí kò bá ṣe é rí. Wọ́n gbé e fún ọkọ mi, ẹni tó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé nígbà tọ́mọ ti sùn! Ó kọ 0 síbi ìwẹ̀ torí ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, 0 síbi àwọn ẹ̀rọ tí a kò ní nílé. Máàkì jẹ́ 61.

Ẹlòmíràn ló padà jókòó ti ìyá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ bí òwúrọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí fún mi." Ìgbà yẹn ló jáde pé ọmọ náà máa ń mú ₦500 lọ ra tòmátì ₦350, á sì pariwo bí ṣéńjì kò bá pé ₦150. Òfin wọn ni pé ohun tó ń ṣe ni ká kọ, kì í ṣe ohun tó lè ṣe, nítorí náà 0 ìwẹ̀ kò kúrò; wọ́n kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé wọn kò fún un láyè. A fún un ní kànrìnkàn, ó kọ́ ọ. Ẹ má sì ṣàsọdùn o. Kò mọ aago wò, kò lè to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ọmọ ọdún 4 ló ń bá ṣeré. A sọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìtọ́jú etí, wọ́n tún un ṣe ní Yorùbá pẹ̀lú àyẹ̀wò àwòrán: òye 72, ìṣe ojoojúmọ́ 74. Etí ìlà 70 yẹn ló wà. Ó ń lọ́ra kọ́ nǹkan lóòótọ́, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún àyẹ̀wò kan náà ṣe láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ á ti rántí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò yìí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé èsì. Ẹni tó bá sì ní òun ń ta àgbo tó ń ṣí ọpọlọ, ẹ sá fún un, ó gbowó lọ́wọ́ àbúrò mi.

Kí tíṣà rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí tilé àti tilé ìwé bá ta kora, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí kí wọ́n tó gbé e lọ síbikíbi.