Ojúewé wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí ò jáde: ẹ kọ́kọ́ wo DNS yín

“Ẹ káalẹ́ o. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo wà láti àná. Láàpútọ́ọ̀pù mi gba wáìfáì wọn, àmì rẹ̀ kún dáadáa, ṣùgbọ́n ojúewé tí wọ́n ní kí n ti tẹ nọ́ńbà yàrá ò jáde rárá. ‘No internet’ nìkan ló ń kọ. Àbúrò mi tẹ tiẹ̀ lórí fóònù, ó wọlé. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ wọn tàn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ìrìnàjò, ẹ sì kú ìfaradà. Kí wọ́n tó tún pa ẹ̀rọ wọn tàn lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká yẹ láàpútọ́ọ̀pù yín wò ná. Bí fóònù bá ti wọlé lórí wáìfáì kan náà tí láàpútọ́ọ̀pù ò wọlé, ẹni tó ń ké gan-an ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ti ké bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì mí nígbẹ̀yìn.

Ní 2022, wọ́n rán wa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Abẹ́òkúta. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní ìwé kan tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di aago mọ́kànlá. Wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì gbà mí wọlé, kò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ojúewé tí èèyàn ti ń tẹ nọ́ńbà orí káàdì wọn ò yọjú. Ọmọbìnrin orí káńtà fún mi ní káàdì tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Káàdì wo ni mo fẹ́ tẹ̀ nígbà tí kò síbi tí mo máa tẹ̀ ẹ́ sí? Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sọ́mọ ọlọ́mọ. Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù ni mo tó rántí pé ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa ń rìn bí ìgbín, ọ̀rẹ́ mi kan bá mi kọ 8.8.8.8 síbi DNS lórí láàpútọ́ọ̀pù yẹn. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojúewé yẹn kì í ṣàdédé jáde. Bí láàpútọ́ọ̀pù bá ṣe ń dé orí wáìfáì, Windows á yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bèèrè fáìlì kékeré kan ní www.msftconnecttest.com. Bí èsì bá dé tí wọ́n kọ “Microsoft Connect Test” sínú rẹ̀, ó gbà pé ọ̀nà là. Android ń bèèrè tiẹ̀ ní connectivitycheck.gstatic.com, áífóònù ní captive.apple.com. Ẹ̀rọ tó jẹ́ adènà fún òtẹ́ẹ̀lì á dá ìbéèrè yìí dúró lójú ọ̀nà, á sì fèsì tara rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi. Èsì tí Windows ò retí yẹn ló ń mú kó ṣí búráúsà fún yín. Bí ìbéèrè ò bá wá sí ojú ọ̀nà rárá, kò sí ohun tí adènà fẹ́ dá dúró.

Ìbéèrè náà ò sì lè gbéra láìjẹ́ pé láàpútọ́ọ̀pù mọ nọ́ńbà tí orúkọ yẹn dúró fún. Iṣẹ́ DNS nìyẹn. Tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án, òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún láàpútọ́ọ̀pù pé ọ̀dọ̀ òun ni kó ti máa bèèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ kọ 8.8.8.8 ti pàṣẹ fún un pé ọ̀dọ̀ Google nìkan ni kó máa lọ. Ẹ̀yìn géètì ni Google wà, géètì ò sì tíì ṣí fún àlejò tí ò tíì forúkọ sílẹ̀. Ni láàpútọ́ọ̀pù bá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí wọn ò fún ní àdírẹ́sì.

Ohun tí ò jẹ́ kí n tètè fura ni pé mo ti lo 8.8.8.8 yìí kan náà ní òtẹ́ẹ̀lì méjì míì, kò sì dí mi lọ́wọ́. Àwọn adènà kan máa ń gba ìbéèrè DNS láàyè kó kọjá kó tó di pé èèyàn wọlé, àwọn míì á gbà á lójú ọ̀nà, wọ́n á dá a lóhùn fúnra wọn. Àwọn míì ò gba ìgbàkugbà, ìbéèrè tó bá ti ń lọ sọ́dọ̀ DNS tó yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n á dà á nù. Ìdí nìyẹn tí “ó ṣiṣẹ́ níbòmíràn” ò fi dá ẹ̀rọ yín láre.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí, ẹ dán an wò. Ẹ tẹ `cmd` síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí Windows, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì kọ èyí:

```
ipconfig /all
```

Ọ̀rọ̀ á pọ̀ lójú yín, abẹ́ “Wi-Fi” nìkan ni kí ẹ wò. Tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, “IPv4 Address” jẹ́ 10.5.50.112, “Default Gateway” jẹ́ 10.5.50.1, ìyẹn adènà gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo rí “DNS Servers”, 8.8.8.8. Òtẹ́ẹ̀lì ò fún mi níyẹn, èmi ni mo gbé e wá láti ilé. Mo wá bi ẹni méjèèjì ní ìbéèrè kan náà:

```
nslookup neverssl.com
nslookup neverssl.com 10.5.50.1
```

Ti àkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ 8.8.8.8, ó dúró títí, ó wá kọ “DNS request timed out”. Ti ìkejì lọ bá adènà, kí n tó ṣẹ́jú ó ti dá nọ́ńbà padà. Níbi tí ọ̀kan ti kú tí èkejì dáhùn yẹn ni ẹjọ́ parí sí. Ẹ fi nọ́ńbà “Default Gateway” tiyín rọ́pò tèmi o, kì í ṣe gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ló ń lo 10.5.50.1. Lọ́pọ̀ ibi, adènà náà ló ń dáhùn DNS, ṣùgbọ́n tí ó bá dákẹ́ pẹ̀lú, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yín mọ́. Ẹ ṣáà ṣe àtúnṣe ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ rí DNS tí òtẹ́ẹ̀lì máa fún yín gan-an.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí “Settings”, “Network & internet”, “Wi-Fi”, “Hardware properties”. Níbi “DNS server assignment”, ẹ tẹ “Edit”, kí ẹ mú “Automatic (DHCP)”. Ẹ já wáìfáì, kí ẹ tún un so. Àwa tí ọwọ́ wa yá lórí cmd, tí a ṣí i pẹ̀lú “Run as administrator”, lè kọ ọ́ báyìí:

```
netsh interface ip set dns name="Wi-Fi" source=dhcp
ipconfig /flushdns
```

Lọ́dọ̀ tèmi, bí wáìfáì ṣe tún so, búráúsà dédé ṣí, ojúewé káàdì sì dé. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bí kò bá dédé ṣí, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ `http://neverssl.com` sókè búráúsà. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ google.com, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé google.com máa ń lọ lórí https, níbi tí ojúlé gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ni òun. Adènà òtẹ́ẹ̀lì ò ní ìwé ẹ̀rí Google, kò lè dáhùn lórúkọ rẹ̀. Yálà kí ojú búráúsà funfun títí, tàbí kó kìlọ̀ fún yín pé nǹkan ò mọ́. Bó bá kìlọ̀, ẹ má fipá kọjá. Ojúlé tí kò lo https rárá ni adènà lè dá dúró, ohun tí wọ́n sì ṣe neverssl.com fún nìyẹn. Ojúewé tó máa yọ yẹn, nọ́ńbà yàrá àti orúkọ, tàbí nọ́ńbà káàdì, ló tọ́ sí i. Èyí tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín, ẹ tì í.

Ìdẹkùn kan ṣì kù tó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní yunifásítì tó wà: nslookup rẹ̀ ń dáhùn, DNS Windows rẹ̀ ò ní àléébù, síbẹ̀ ojúewé ò jáde. Búráúsà rẹ̀ ló ní DNS tara rẹ̀. Lórí Chrome, ẹ wo “Privacy and security”, “Security”, “Use secure DNS”. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ mú ilé iṣẹ́ kan síbẹ̀, búráúsà ò ní yà sọ́dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì rárá. Ẹ pa á ná títí ẹ ó fi wọlé. VPN náà rí bẹ́ẹ̀: tó bá jẹ́ èyí tó ń tan ara rẹ̀, tó sì ń dí gbogbo ọ̀nà tí kì í ṣe tiẹ̀, pípa ló máa kọ́kọ́ gbà.

Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé fóònù Android ló ṣe é, “Private DNS” ni kí ẹ wò. Àwa tí a kọ dns.adguard.com síbẹ̀ nítorí ìpolówó la sábà máa ń kó sí i. Fóònù á máa kọ “Private DNS server cannot be accessed”. Ẹ dá a padà sí “Automatic”. Kí ẹ sì pa dátà síìmù yín kí ẹ tó gbìyànjú, torí bí fóònù bá ti rí i pé wáìfáì ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, orí dátà ló máa gbé ojúlé tí ẹ kọ gbà. neverssl.com á ṣí dáadáa, adènà ò sì ní rí yín, ẹ óò máa wò pé kí ló tún dé.

Ẹ̀bi tiwọn náà wà. Bí “IPv4 Address” yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, òtẹ́ẹ̀lì ò fún láàpútọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà kankan. DNS kọ́ nìyẹn, bí ẹ bá já a tí ẹ tún un so tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ fi han ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn.

Tèmi, mi ò dá 8.8.8.8 padà mọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn tí mo wọlé, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bí wákàtí 24 orí káàdì ṣe pé, mo tún bá ara mi níwájú géètì kan náà. Ẹ ṣe nslookup méjèèjì yẹn, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ wá síbí, pẹ̀lú ohun tí ẹ rí níwájú “DNS Servers”.