Olè kọ́ ni ẹ tì síta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mo kọ sáìtì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. A jẹ́ 412. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, 0001 dé 0412, la fi ń wọlé, pẹ̀lú píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́fà. Mo ṣe é pé ẹni tó bá ṣi píìnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àkáǹtì rẹ̀ á tì títí èmi fúnra mi á fi ṣí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àkáǹtì tó lé ní 300 ló ti tì. Ṣé kí n sọ ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni o, ogún ni o, ibì kan náà ló máa já sí. Iye yẹn kọ́ ló níṣòro. Àgádágodo tí àlejò lè tì mọ́ onílé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ni ìṣòro. Nọ́ńbà 0001 dé 0412 kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dà yín láàmú á kọ kóòdù ìlà mẹ́wàá tí yóò máa tẹ 000000 lẹ́ẹ̀mẹta sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbìyànjú 1,236 ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti parí ẹ̀. Kò mọ píìnì ẹnì kankan, síbẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ti wà níta.

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Ohun tí mo máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí ni èrò pé títì lẹ́ẹ̀mẹta ń dí olè lọ́wọ́. Kò dí i. Olè tó mọṣẹ́ kì í jókòó ti àkáǹtì kan. Á mú píìnì kan, 123456 ká ní, á gbé e kiri gbogbo àkáǹtì 412. Á tún mú 000000, á gbé ìyẹn náà kiri. Ìgbìyànjú 824 nìyẹn, kò sì sí àkáǹtì kan tó pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá wá wọlé lọ́sàn-án, tí òǹkà wọn padà sí òdo, lálẹ́ á tún mú píìnì méjì mìíràn dé. Ẹ wo lọ́ọ̀gì yín dáadáa: tí ìkùnà bá rọ́ lé àkáǹtì díẹ̀ lórí, ẹnì kan ni wọ́n ń wá, tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì lórí àkáǹtì rẹpẹtẹ, píìnì ni wọ́n ń gbé kiri.

Títì onígbà díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó tì fún ìṣẹ́jú 15, kó sì ṣí fúnra rẹ̀. Ìgbìyànjú 480 ló ṣẹ́ kù fún olè lójúmọ́ lórí àkáǹtì kan. Píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ mílíọ̀nù kan, nítorí náà ó dà bíi pé ọkàn balẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 412: ìgbìyànjú 197,760 lójúmọ́ lórí gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá ń gba gbogbo àyè tẹ́ ẹ fún un, àkáǹtì kan á máa bọ́ sí i lọ́wọ́ ní bí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, bí píìnì tiẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kàn ṣàdédé yàn. Tí èèyàn bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọjọ́ ìbí, á tètè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìdádúró máa gùn sí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó bá ti ṣì, kó dúró ìṣẹ́jú kan. Tó bá tún ṣì, méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, mẹ́jọ, 16, 32, kó wá dúró sí wákàtí kan. Tó bá pé 100, kó tán: ó di kí onítọ̀hún gba líǹkì sórí ímeèlì tàbí fóònù rẹ̀ kó fi yan píìnì tuntun. Èmi kọ́ ni mo dá 100 yẹn sọ; àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ló fi í ṣe òpin nínú ìwé SP 800-63B. Gbogbo ohun tí olè lè gbìyànjú wá di 41,200, ìyẹn bí mẹ́rin nínú 100 pé yóò rí àkáǹtì ẹyọ kan, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló yan píìnì. Ní MySQL, ó lè lọ báyìí:

```sql
UPDATE login_guard
SET fails = fails + 1,
    next_ok = NOW() + INTERVAL
      IF(fails < 5, 0, LEAST(POW(2, fails - 5), 60)) MINUTE
WHERE acct = '0217' AND next_ok <= NOW() AND fails < 100;
```

Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó yẹ píìnì wò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá sí ìlà tó yí padà, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú kóòdù HTTP 429, tó ń sọ pé ìbéèrè ti pọ̀ jù, kódà bí píìnì tó tẹ̀ bá tọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ ka òǹkà, tẹ́ ẹ yẹ píìnì wò, kẹ́ ẹ tó fi kan kún un, ìbéèrè 50 tó dé lẹ́ẹ̀kan náà á bá òǹkà ní mẹ́rin, gbogbo wọn á sì wọlé lọ yẹ píìnì wò. Ẹ má sì fi `sleep(3)` ṣe ìdádúró. Olè kàn máa rán ìbéèrè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ̀yin lẹ ó sùn: nínú fáìlì `www.conf` tó ń bá PHP-FPM wá, `pm.max_children` jẹ́ 5, tó túmọ̀ sí pé ìbéèrè márùn-ún tó ń sùn ti gba gbogbo sáìtì.

Ẹ ó ní, ṣebí olè ṣì lè ti onílé síta fún wákàtí kan? Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyí tí kúkì fi gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá wọlé dáadáa, ẹ fún búráúsà rẹ̀ ní kúkì tí sáfà fi HMAC buwọ́ lù, tó gbé nọ́ńbà àkáǹtì àti àmì tí kò ṣeé méfò. Ìgbìyànjú tó bá bá kúkì yẹn dé, òǹkà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó lọ sí. Ti àwọn àlejò ni kó wà nínú òǹkà òkè yẹn. Olè á ti ilẹ̀kùn àlejò pa, Màmá tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín á ṣì gba ilẹ̀kùn tirẹ̀ wọlé lórí fóònù tó máa ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí wíwọlé Màmá pa òǹkà àlejò rẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ti tún fún olè ní píìnì méjì lálaalẹ́.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì IP. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ IP kan, nítorí náà “IP kan, ìkùnà mẹ́wàá, ó tán” á gbá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ síta. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún un, bí ìkùnà 100 ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ sì máa ka ìkùnà gbogbo sáìtì pọ̀ kó lè ké sí yín tó bá ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Ní báyìí, kẹ́ ẹ tó ṣí àkáǹtì 300 yẹn, ẹ wá nínú lọ́ọ̀gì bóyá ìwọlé kan ṣàṣeyọrí láti inú IP tó mú ìkùnà yẹn wá. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti àkáǹtì náà, ẹ pe ẹni tó ni ín lórí fóònù, ẹ wo ìṣípòpadà owó rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà, bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa ẹnikẹ́ni lára. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ni kó sọ bóyá ó kàn yín, èmi ò rí lọ́ọ̀gì yín. Píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́fà níwájú owó àwọn èèyàn sì nìyẹn, èmi ò ní fọwọ́ sí i láé. Ẹ sọ ọ́ di páásíwọ́ọ̀dù tó gùn.