ROAS 4, síbẹ̀ owó ń dín

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń ta ẹja yíyan láti Ẹ̀pẹ́. Ìpolówó mi ní ROAS 4, ìyẹn ni pé ₦1 tí mo fi polówó ń mú ₦4 wọlé, kí ló dé tí owó ọwọ́ mi ń dín?

Owó ìpolówó nìkan ni ROAS fi ń pín owó tó wọlé. Kò mọ iye tí ẹ ra ẹja. Ká ní ẹ fi ₦50,000 polówó, tí èèyàn 40 ra páálí kọ̀ọ̀kan ní ₦5,000. ₦200,000 nìyẹn, ROAS 4 lóòótọ́. Àmọ́ ẹja inú páálí kan jẹ́ ₦3,200, páálí àti ọ̀rá ₦200, owó ọkọ̀ tí ẹ bá oníbàárà san ₦600. ₦1,000 péré ló ṣẹ́ kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 lápapọ̀. Ìpolówó sì ti jẹ ₦50,000, ẹ ti pàdánù ₦10,000.

Ẹ fi ohun tó ṣẹ́ kù pín iye tí ẹ ń tà á: 5,000 ÷ 1,000 = 5. Àyàfi kí ROAS yín kọjá 5 kí èrè tó yọjú.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹja bá dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ni wọ́n ń sanwó, ó lè burú jù báyìí lọ. Bí wọ́n bá ṣe tẹ ọ́dà báyìí ni ìpolówó lè ti kà á sí títà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ di tiyín.