Kò sí àbàtà nínú "ra bàtà"

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ "àbàtà" fara pamọ́ sínú gbólóhùn yìí: "Ọmọ kọ̀ láti ra bàtà." Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Irọ́ ni. Ó sì ń bí mi nínú, torí ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá kò yàtọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á bọ́ àmì ìdí kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ní àwọn rí nǹkan. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ ní "ra bata", kò sí ohun tí ẹ kò ní rí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohùn àbàtà, ilẹ̀ olómi: dò dò dò, ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lóòótọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe "rà" ní bó bá dá dúró, tàbí bí a bá sọ pé "mo rà á". Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á gòkè sí àárín. "Ra bàtà" là ń sọ, a kì í sọ pé "rà bàtà". Nítorí náà re dò dò ló wà lójú ààlà yẹn, àbàtà kì í sì í ṣe re dò dò.

Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni abà, ibùdó àgbẹ̀ lóko. Ẹ mú "a" tó parí "ra", ẹ fi "bà" tó bẹ̀rẹ̀ "bàtà" kún un: abà, àárín àti ìsàlẹ̀, kò yẹ̀ rárá. "R" ṣẹ́ kù lẹ́yìn, "tà" ṣẹ́ kù níwájú. Irú èyí ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́, torí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan, ó sì parí láàárín òmíràn.

Ìdí tí èdè wa fi ń bí àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ kéékèèké jẹ́ fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì. Bí fáwẹ̀lì tó parí ọ̀rọ̀ kan bá ti pàdé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ èkejì, ara ọ̀rọ̀-orúkọ ti pé. Ohùn ló kù. Nítorí náà, ojú ààlà ni kí ẹ máa wò, kí ẹ má kàn máa ka lẹ́tà láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Òfin kan wà tó ń dín wàhálà kù: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ yẹn, kì í sì í fi "u" bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú bá ti parí sí ohùn òkè tàbí sí "u", ẹ fò ó, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo "Ó gba bọ́ọ̀lù", ìyẹn ni pé ẹnì kan jù ú sí i, ó sì gbà á. Abọ́ wà níbẹ̀: a, bọ́. Ẹ wá wo "Ó gbá bọ́ọ̀lù", ìyẹn ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ohùn òkè orí "gbá" ti lé abọ́ lọ. Àmì kan péré ló yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn yín, ká yẹ àwọn ààlà tó kù wò. "Ọmọ kọ̀": ọ, kọ̀. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ nìyẹn, ó pé. "Kọ̀ láti": ẹlòmíràn á ní ọlá ni. Rárá, ọ̀ onísàlẹ̀ ni "kọ̀" ní, torí "láti" kì í ṣe àbọ̀ tí yóò gbé e gòkè, bẹ́ẹ̀ àárín ni ọlá fi bẹ̀rẹ̀. "Láti ra": wọ́n á ní tírà. Àárín méjì ló wà níbẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ni tírà. Méjì ló wà nínú gbólóhùn náà, ọkọ̀ àti abà.

Ibi tí ọkọ̀ yẹn wà lọ́rọ̀ gan-an. Ẹ yí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ padà: "Ọmọ kọ lẹ́tà" gbé ọkọ ìyàwó pamọ́, "Ọmọ kọ́ ilé" gbé ọkọ́ tí a fi ń ro oko pamọ́, "Ọmọ kọ̀" gbé ọkọ̀ pamọ́. Ojú ààlà kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń rí wọn. Ẹ sọ gbólóhùn náà sókè, kí ẹ tẹ́tí sí i: "Ọmọ́ kọ̀." Láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn òkè kan máa ń wọlé, ó sì máa ń jókòó sórí fáwẹ̀lì tó parí olùwà. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu ló ń gbé e. Bó bá ti wọlé, ọkọ̀ ti fọ́ létí. Ẹni tó bá ń ṣe eré yìí lórí ìwé lè gba ọkọ̀ wọlé, ẹni tó bá ń sọ ọ́ lẹ́nu kò lè gbà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ààlà ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ ló sàn jù. Ohùn òkè yẹn kì í dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi alẹ́ pamọ́, ẹ gé e sí "a" àti "lẹ́". Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe onísàlẹ̀ tó parí sí "à": rà, gbà, kà, tà. Ẹ wá ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi "lẹ́" bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà. Ẹ fi wọ́n pọ̀, àbọ̀ fúnra rẹ̀ á gbé "à" sí àárín: "Ó gba lẹ́tà." Alẹ́ wà níbẹ̀ fún ojú, ó wà fún etí. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ wa tó fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ àyálò bíi lẹ́tà àti bọ́ọ̀lù fi wúlò. Bí àbọ̀ bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, bíi "ra aṣọ", ẹnu á pa fáwẹ̀lì kan jẹ, a ó sọ pé "raṣọ", ààlà á sì dàrú.

Ẹ ṣọ́ra fún "n" pẹ̀lú. "Ẹṣin á sáré": i, n, á. Lẹ́tà pé, ohùn pé, ẹ ó sì ní iná ni. Ṣùgbọ́n "n" inú ẹṣin kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, ńṣe ló ń sọ pé kí a gba imú pe "i" tó ṣáájú rẹ̀. "N" inú iná, kọ́ńsónáǹtì gidi ni. Èmi kì í gba irú rẹ̀ wọlé.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ àbàtà dandan, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó parí sí "à" onísàlẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, kí àbọ̀ má baà gbé e gòkè. "Nínú àpótí náà, bàtà méjì ló wà." À tó parí "náà", bàtà: ìsàlẹ̀ mẹ́ta. Ó bófin mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà wọ inú rẹ̀ lódindi, tí ìdánudúró sì wà láàárín. Abà inú "ra bàtà" ṣì dára jù ú lọ lójú tèmi.