Kànga, Sọ́kàwéè àti Bébà Ńlá: Àwòrán Tí Ará Ẹ̀yìn Yóò Rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú nípa kànga tó sún mọ́ sọ́kàwéè jù. Èèyàn bí ọgọ́rin ló máa ń wá, àwọn àgbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí pùròjẹ́kítọ̀, iná gan-an kò dájú. Bébà ńlá ni mo fẹ́ fi yàwòrán. Báwo ni mo ṣe máa yà á tí ará ẹ̀yìn á fi rí i?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ra máákà rárá, ẹ mú téèpù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn igi lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé yín. Ẹ wọn láti ibi tí bébà yóò wà títí dé àga tó kẹ́yìn pátápátá. Bí a ṣe ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ wa ni pé fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí òǹwòran bá fi jìnnà, kí lẹ́tà ga ní íǹṣì kan. Ká ní 40 ẹsẹ̀ bàtà ni ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yín, lẹ́tà tó ga ní íǹṣì 4 nìyẹn. Ó ga ju ìka àárín ọwọ́ yín lọ.

Bébà fílípíṣáàtì tó jẹ́ A1 ò ju nǹkan bí íǹṣì 23 níbùú, íǹṣì 33 lóròó. Tí ẹ bá tiẹ̀ fi í dùbúlẹ̀, lẹ́tà bíi mẹ́wàá péré ló máa gbà lórí ìlà kan. Kò sí àyè fún gbólóhùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tàbí iye kan ni ẹ lè kọ, kí ẹ fi ẹnu sọ ìyókù.

Wàhálà kan tún wà tó jẹ́ ti èdè wa. Àmì orí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pòórá lójú ẹni tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ILÉ wà níbẹ̀, ILẸ̀ náà wà níbẹ̀, bákan náà ni méjèèjì máa rí lójú baba tó wà lẹ́yìn. Ẹ má kọ ilé, ẹ yà á. Ẹ má kọ ilẹ̀, ẹ fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kùn ún bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Lára gbogbo bébà yín, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ju mẹ́rin márùn-ún lọ, nítorí àwọn tí kò kàwé àti àwọn tó gbàgbé awò sílé pọ̀ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Bí lẹ́tà ṣe ga nìkan kọ́ o, sísanra ìlà rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Lẹ́tà íǹṣì 4 fẹ́ ìlà tó tó ìdajì íǹṣì níbùú. Máákà tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba kò lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn ni búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri, tí a po dúdú mọ́. Ẹ má lo ọ̀dà elépo, á tàn ká inú bébà bí epo tó dà sórí aṣọ funfun. Dúdú àti búlúù tó dúdú ni kí ẹ fi fa ìlà. Ẹ fi pupa fòò sílẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ìdọ̀tí. Yẹ́lò kò wúlò, kò yàtọ̀ sí bébà funfun fúnra rẹ̀ tí ọ̀nà bá ti jìn.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi máákà tẹ́ẹ́rẹ́ àti yẹ́lò yàwòrán lọ sí ìpàdé kan nílùú Oǹdó. Mo sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí ìyá àgbà kan tó nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun o, ṣùgbọ́n ìgbà wo lo máa ṣí àwòrán yẹn?”

Kí irú rẹ̀ má ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà A4. Gígùn A1 fi díẹ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gígùn A4. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá rí lórí A4 láti ẹsẹ̀ bàtà 14 ni ará ẹ̀yìn máa rí lórí bébà ńlá láti 40. Ẹ lẹ A4 mọ́ ògiri, ẹ sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, kí ẹ wò ó. Ohun tí ẹ ò bá rí níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ mú un tóbi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ká A4 sí ojú mẹ́rìndínlógún, ẹ ká bébà ńlá náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa da ojú kọ̀ọ̀kan kọ. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà rárá lè ṣe é. Tí ó bá jẹ́ kádíbọ́ọ̀dù lẹ rà, kì í rí bí A1 gẹ́lẹ́. Ẹ gé bébà kékeré yín kí ó bá ìrísí rẹ̀ mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ogún ìṣẹ́jú, bébà márùn-ún tó. Méjì nínú rẹ̀ ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dání, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkíní nínú méjèèjì, tí ó máa jẹ́ bébà kejì yín, ni àwòrán inú ilẹ̀: sọ́kàwéè lápá kan, kànga lápá kejì, omi abẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ méjèèjì. Àwa tí a ti kàwé ti mọ́ àwòrán bẹ́ẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ni a là sí méjì. Mo ti fi han baba kan rí tó ní òpó ni òun rí, òpó méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìlà méjì tí mo fà fún kànga ló rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, mo máa ń ya okùn àti korobá sínú kànga, mo sì máa ń ya obìnrin tó ń fà á sókè. Kí n tó ṣí bébà náà, màá mú ìbẹ́pẹ kan jáde, màá là á níṣojú wọn, màá ní, “Bí mo ṣe la ìbẹ́pẹ yìí tí ẹ rí inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe la ilẹ̀ àdúgbò wa.” Kò sí ẹni tó tún pè é lópòó mọ́.

Ẹ má ya ìdọ̀tí tó ń ṣàn sínú àwòrán yẹn láti ilé. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ọ̀nà rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti ìdí sọ́kàwéè wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, títí dé ìdí kànga. Ẹ̀yin tí ẹ dúró tì í nìkan lẹ máa rí i. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ mú máákà pupa, ẹ tẹ̀lé ìlà pẹ́ńsùlù náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ títí yóò fi kan korobá. Gbọ̀ngàn á dákẹ́. Ẹ ya ilẹ̀ náà kó dà gẹ̀rẹ́ bí tiyín ṣe dà, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé ibi tí ilẹ̀ dà sí. Tí àdúgbò yín bá dà sọ́dọ̀ odò Àlà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba ti ẹni òkè.

Èkejì, tí ó máa jẹ́ bébà kẹta yín, ni àwòrán pulọ́ọ̀tì láti òkè. Iye tí a ń lò ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè tó 30 mítà, ìyẹn nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ jẹ́ kí íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóròó á di íǹṣì 6 níbùú àti 12 lóròó. Mẹ́rin, méjì níwájú, méjì tó kẹ̀yìn sí wọn, á gba íǹṣì 12 níbùú àti 24 lóròó, bébà náà á sì gbà á tí ó bá dúró.

Ẹ wá gé okùn tó nípọn ní íǹṣì mẹ́wàá. 100 ẹsẹ̀ bàtà yẹn nìyí. Ẹ fi ìṣó kékeré kan orí rẹ̀ mọ́ sọ́kàwéè kan, kí ẹ máa yí ìdí rẹ̀ kiri. Kànga tí okùn bá fò kọjá ti sún mọ́ jù. Ká ní sọ́kàwéè lágbájá wà lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí fẹ́ǹsì, kànga ẹni tó kẹ̀yìn sí i náà sì wà ní mẹ́wàá sí fẹ́ǹsì yẹn kan náà. Ogún péré ló wà láàárín wọn, íǹṣì méjì lórí bébà, okùn á fò ó kọjá pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn náà wọ̀n láti sọ́kàwéè ẹ̀yìnkùlé yẹn dé iwájú pulọ́ọ̀tì kan náà, mẹ́wàá sí fẹ́ǹsì. Á bá 100 mu gẹ́lẹ́. Ohun tí àwòrán náà ń sọ nìyẹn: tí gbogbo wa bá gbẹ́ sọ́kàwéè sẹ́yìn, tí gbogbo wa gbẹ́ kànga síwájú, ààyè á tó. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Ẹ pe baba onílé kan jáde kó yí okùn náà fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi okùn yẹn búra fún wọn o. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, omi sì lè gba inú pàlàpálá rẹ̀ kọjá 100. Fún àwọn tó ti kọ́lé tán, bébà kẹrin á fi kànga tó ní ríìngì, ìdérí àti ẹnu gíga hàn, pẹ̀lú ìkòkò omi tó ń hó lórí iná. Bébà àkọ́kọ́ lè jẹ́ ife omi mímọ́ gaara kan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa mu ún. Ẹ fi ìkarùn-ún sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, ibẹ̀ lẹ máa kọ ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí.

Tí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìpàdé, ẹ fi àwọn bébà náà han èèyàn mẹ́ta tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, bíi ìyá tó ń ta ẹ̀wà, ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́, àti bàbá kan. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?” nítorí wọ́n á ní ó yé wọn, kí ẹ má bàa bínú. Ẹ ní, “Kí lẹ rí níbí?” kí ẹ dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ má gbé e sí iwájú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ ọ́ di dúdú. Orí ẹni tó jókòó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, torí náà kí ìdí bébà wà lókè ìyẹn. Tí igi ìdúró yín bá kúrú, ẹ kan igi 2×2 mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ bébà sílẹ̀ lófo. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú nítorí fáànù àti afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ń gbé wọn lọ, ẹ ká wọn kí àwòrán wà ní ìta, kì í ṣe nínú. Bí ẹ bá so wọ́n kọ́, etí wọn á tẹ̀ sẹ́yìn mọ́ ògiri, kò ní máa ká bo àwòrán yín.