Ojú ewé 86, ìṣẹ́jú 10: kí ni kí n mú dé iwájú páńẹ́ẹ̀lì?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán ma. Kànga 24 ni mo yẹ̀ wò fún pírójẹ́ẹ̀tì mi ládùúgbò tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, mo wọn bí kálukú wọn ṣe jìnnà sí sọ́kàwéè, mo sì gbé omi wọn lọ sí láàbù. Ìwé náà jẹ́ ojú ewé 86, ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fún wa fún dífẹ́ǹsì. Mo ti gé e títí, sláìdì mi ṣì jẹ́ 41. Ẹ jọ̀ọ́ ma, kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mo wo sláìdì 41 tí o fi ránṣẹ́, mo sì ti rí ibi tó ti dojú rú: ṣápítà kìíní lo ti bẹ̀rẹ̀ gígé, o wá ń bu díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo nǹkan títí o fi dé ìparí. Má gé e bẹ́ẹ̀. Ṣápítà kẹrin ni kó o kọ́kọ́ ṣí, kó o wá ìdáhùn tí iṣẹ́ rẹ rí, torí òun ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ, ohun tó kù, ẹ̀rí tó máa jẹ́ kí wọ́n gbà á ni.

Èwo wá ni ìdáhùn yẹn? Ohun tó o kọ gàdàgbà ni pé kànga 17 nínú 24 ló ní kòkòrò í-kólàì, èyí tó ń bá ìgbẹ́ èèyàn àti ẹran jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú mílílítà 100 omi tí èèyàn máa mu, torí náà ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ wo ojú ewé 61 rẹ. O kọ síbẹ̀ pé nínú kànga 15 tí kò tó mítà 15 sí sọ́kàwéè, 13 ló ní kòkòrò náà, nínú 9 tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, 4 ló ní in, o wá fi ìlà méjì péré sọ pé kò sí èyí tó ní ìdérí nínú mẹ́rin yẹn, gbogbo ilé ló sì ń ju ìfami tiwọn sínú wọn. Ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ wà! Mú bébà kan, kọ ọ́ sókè rẹ̀ ní gbólóhùn kan: kànga tó sún mọ́ sọ́kàwéè ló sábà ní í-kólàì, àmọ́ èyí tó jìnnà náà lè ní in tó bá wà ní ṣíṣí.

Ó ti wá di pé kó o máa mú apá kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn wá síwájú gbólóhùn yìí, kó o bi ara rẹ pé, bí mi ò bá sọ èyí, ṣé wọn ò ní gbà mí gbọ́? Ojú ewé 9 tó o fi sọ ìwúlò omi fún ọmọ aráyé, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn ẹ̀, yọ ọ́. Lítíréṣọ̀ rífíù, gbólóhùn méjì ló kù níbẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí àwọn tó ṣáájú rí, ọ̀kan fún ohun tí wọn ò tíì wò ládùúgbò yín. Mo ti jókòó níbi dífẹ́ǹsì kan tí ọmọ kan ti fi ìṣẹ́jú 7 ka ṣápítà kejì fún wa, alága ní kó máa lọ síbi èsì, kó tó ṣí sláìdì rẹ̀ àkókò ti tán, iṣẹ́ láàbù tó fi oṣù mẹ́rin ṣe ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ yẹn dáa.

Àwọn tébù tó o fi sọ bí irin inú omi ṣe pọ̀ tó àti bí omi ṣe le sí, kó gbogbo wọn sẹ́yìn sláìdì ìdúpẹ́, tí wọ́n bá béèrè o máa ṣí i fún wọn. Ṣùgbọ́n o ò lè fi àfojúsùn márùn-ún tó o kọ sí ṣápítà kìíní pamọ́ o, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á rí i. Fi márààrún hàn lórí sláìdì kan, sọ pé méjì lo máa sọ̀rọ̀ lé lórí, kó o kọ ojú ewé tí èsì mẹ́ta yòókù wà sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ibi tí mi ò fẹ́ kó o gé jù ni bó o ṣe ṣe iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Bó o ṣe yan kànga 24 yẹn, bó o ṣe fi téèpù wọn ilẹ̀, pé ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ lo fi bu omi, pé inú kúlà oníyìnyín ló wà, àti wákàtí mélòó ló fi dé láàbù, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ láàbù ò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Tébù 4.3 rẹ, tó ní ìlà 24 àti òpó 9, má gbé e sójú sláìdì, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan. Báyìí ni kó rí:

Kò tó mítà 15: kànga 15, í-kólàì wà nínú 13
Mítà 15 sókè: kànga 9, í-kólàì wà nínú 4 (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní ìdérí)

Dúró lórí èyí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìlapa èrò rẹ wá di báyìí: ìṣòro àti àfojúsùn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bó o ṣe ṣe é méjì, èsì mẹ́rin, ibi tí iṣẹ́ náà mọ ìṣẹ́jú kan, ìmọ̀ràn ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Mẹ́sàn-án nìyẹn, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ torí wọ́n máa dá ẹ dúró. Sláìdì 8 tó fún un. Tó o bá ń dánra wò, dìde dúró, sọ ọ́ síta, kí fóònù máa ka àkókò, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá kọjá tó ò tíì dé èsì, iwájú ló ti gùn jù, má sáré sọ̀rọ̀, padà lọ gé e.

Ohun kan wà tí gígé máa ń bà jẹ́ tí kì í hàn. Nínú ìwé o kọ ọ́ dáadáa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo bu omi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé o ò wọn ibi tí ilẹ̀ dà sí. Lórí sláìdì rẹ, ó ti di "sọ́kàwéè ló ń ba omi kànga jẹ́". Iṣẹ́ rẹ ò fi ìyẹn hàn o! Ohun tó fi hàn ni pé àwọn tó sún mọ́ ọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní kòkòrò náà. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kí wọ́n tó béèrè.

Tí wọ́n bá wá bi ọ́ pé kí ló dé tó jẹ́ 24, má wulẹ̀ sọ pé súpáfáísọ̀ ló ní bẹ́ẹ̀. Ojú ewé 38 lo ti kọ ọ́ pé kànga 31 ló wà ládùúgbò náà, 7 ti gbẹ tàbí kí onílé má gbà, gbogbo èyí tó kù lo bu. Fi ìyẹn dáhùn.