Ọjọ́ orí olóògbé: ẹ má fi 365 pín in

"Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1938 ni wọ́n bí bàbá wa, ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2024 ni wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ 86 sí pósítà, èmi ní 85. Oṣù àti ọjọ́ tó lé ńkọ́?"

85 ni kí ẹ kọ. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Wọn ò dúró de oṣù kọkànlá tí wọn ì bá fi pé 86.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe wá rí. Ọjọ́ 29 oṣù kejì 1940 ni wọ́n bí ìyá wa, ọjọ́ 14 oṣù kejì 2021 ni wọ́n sùn. Àbúrò mi yọ 1940 kúrò nínú 2021, ó rí 81. Mo ní kò dá mi lójú. Ó bá ka gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lò láyé lórí kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ 29,571. Ó fi 365 pín in, 81 náà ló tún jáde, ọjọ́ mẹ́fà sì lé. Nígbà tí ìṣirò méjì ti fẹnu kò, mo gbà, a gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìgbà tí pósítà dé ilé wa ní Mushin, àbúrò ìyá wa fi ìka lé nọ́ńbà yẹn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì ṣe ọjọ́ ìbí tọdún yìí. 80 ni wọ́n." A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ìyá wa kì í fi ọjọ́ orí wọn ṣeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ìgbà tí wọ́n bí wọn sí ìgbà tí wọ́n kú, ìgbà 20 ni oṣù kejì tún ní ọjọ́ 29. Ẹni tó bá fi 365 pín ti sọ ọjọ́ 20 yẹn di ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n pé 81, ni ọjọ́ 20 náà bá fò wọ́n kọjá ibẹ̀.

Ní ti bàbá yín, ẹ kọ ọjọ́ ikú sókè, ọjọ́ ìbí sísàlẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́. A ò lè yọ 20 nínú 3, ẹ yá oṣù kan. Oṣù tó ṣáájú oṣù ikú la máa ń yá, oṣù kejì 2024 nìyẹn, ọjọ́ 29 ló sì ní. 29 àti 3 jẹ́ 32. Ẹ yọ 20, ó ku 12. Oṣù kẹta ti di 2, kò ṣeé yọ 11 nínú rẹ̀, ẹ yá ọdún kan, ó di 14, ó ku 3. Ọdún ti di 2023. Ẹ yọ 1938, ó ku 85. Ọdún 85, oṣù 3, ọjọ́ 12. Tí ẹ bá yá 30 láìwo kàlẹ́ńdà, 13 lẹ máa rí. Ẹ kà á síwájú kó lè dá yín lójú: láti ọjọ́ 20 oṣù kejì dé ọjọ́ 29 jẹ́ ọjọ́ 9, ẹ fi 3 ti oṣù kẹta kún un.

Ọdún tí 4 bá pín dọ́gba ló ń ní ọjọ́ 29 yẹn, àmọ́ tó bá parí sí 00, àfi kí 400 pín in. 2000 ní in, 1900 kò ní in. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń kọ ti bàbá àgbà sínú ìwé ìran yín. Tó bá sì jẹ́ ọdún ìbí wọn nìkan lẹ mọ̀, ẹ má kọ oṣù àti ọjọ́ kankan, ẹ kọ "nǹkan bí" ṣáájú ọdún.